Ètò ìwé kíkà oṣù méjìlá lórí ìtàn àgbáyé fún Ẹ̀gbọ́n mi agbẹjọ́rò, Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹjọ́ kì í jẹ́ kí ẹ sinmi. Ojú ìwé mẹ́wàá lálẹ́ ti tó.

Ṣẹ́rẹ́: Íjíbítì àti Bábílónì. Ẹ má fo òfin Hámúrábì, ọba Bábílónì.

Èrèlé, Ẹrẹ̀nà: Gíríìsì, Ṣáínà, Íńdíà, ṣùgbọ́n Róòmù ni kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Òfin tí Jọ́sítíníánì, olú ọba Róòmù, kó jọ láti 529 dé 534 wà ní ìdí òfin Faransé tí ẹ kọ́.

Igbe: Ìsìláàmù àti Bàgídáàdì.

Èbìbí, Òkúdù: Málì, Sọ́ńgáì, Ọ̀yọ́, Dàhòmì, àti bí Kétu ṣe fọ́ ní 1886. Ẹ bi àwọn àgbà Kétu náà; ìwé nìkan kò tó.

Agẹmọ, Ògún: òwò ẹrú àti ìyípadà ìjọba Faransé ní 1789. Ní 1804, Àítì gba òmìnira, Napoléọ́nù sì gbé òfin ará ìlú jáde. Ẹ ka méjèèjì pọ̀, ó ṣe pàtàkì gan-an.

Ọwẹ́wẹ̀: kò sí ìwé tuntun. Ẹ parí èyí tó ṣẹ́kù.

Ọ̀wàrà: ìpàdé Bẹ̀líìnì, níbi tí àwọn ará Yúróòpù ti ṣe òfin gbígba ilẹ̀ Áfíríkà, 1884 sí 1885.

Bélú: ogun àgbáyé méjèèjì.

Ọ̀pẹ: òmìnira Benin, orílẹ̀-èdè wa, ní 1960, títí dé àpérò orílẹ̀-èdè ní 1990.