Àkọsílẹ̀ Ẹrù Fún Úmúrà Wa Ọlọ́jọ́ Méje

Ẹ̀yin mẹ́rìnlá tí a jọ ń lọ sí Mẹ́kà láti Ìbàdàn, àsàlámù àlékúmù. Ọkọ̀ wa yóò gbéra ní Ọjà'ba ní aago 4 ìdájí ọjọ́ Ajé. Báàgì ńlá kan tí kò ju kílò 23 lọ àti ẹrù ọwọ́ kílò 7 ni tikẹ́ẹ̀tì wa gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹrù ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dì. Páspọ́ọ̀tù tí ó ṣì kù tó oṣù 6 kí ó tó parí, físà, tikẹ́ẹ̀tì, ìwé ilé ìtura, àti káàdì yẹ́lò tí ó fi hàn pé ẹ gba abẹ́rẹ́ yírunyírun, ó kéré tán, ọjọ́ 10 kí a tó dé ibẹ̀, kò gbọdọ̀ kúrò lára yín. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn, kí ẹ fi ọ̀kan sínú báàgì ńlá, kí ẹ sì fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ará ilé. Lórí fóònù ni ìwé àṣẹ láti wọ Rọ́ọ̀dà ní Mẹ̀dínà ń wà, nínú áàpù Nusuk, nítorí náà páwà báǹkì ṣe pàtàkì. Ọwọ́ ni a ń gbé e, kì í wọ báàgì ńlá.

Aṣọ ìhírámù náà, ọwọ́ ni, nítorí pé bàálù tí ń lọ sí Jẹ́dà máa ń kọjá mìkáàtì kí ó tó balẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti kọjá ibẹ̀ láìgbé ìhírámù wọ̀ ti ṣàṣìṣe. Ní ìrìn wa tó kọjá, ẹnì kan fi tirẹ̀ sínú báàgì ńlá. Èyí tí mo dì ní àfikún ni a fún un lójú ọ̀run. Aṣọ funfun méjì tí a kò rán ni ti ọkùnrin. Ẹ̀yin Alhájà, ẹ wọ aṣọ yín tó bo ara dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan bojú, ẹ má sì wọ ìbọ̀wọ́.

Oògùn ìfúnpá àti ti ìtọ̀ ṣúgà tí yóò tó ọjọ́ 10 yóò wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ má gbé tíràmádọ́lù, kòdéénì tàbí obì, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ kò tú wò, bí ó ti wù kí ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí tó.

Nínú báàgì ńlá, ìpààrọ̀ aṣọ mẹ́rin tó. Ẹ kó abẹ́ tí a ó fi fá orí síbẹ̀, àti ọṣẹ tí kò ní òórùn. Sálúbàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ̀ ni kí ẹ mú, kì í ṣe tuntun, torí pé ìrìn Sọfá àti Máríwà nígbà 7 ju kílómítà 3 lọ. Gàrí díẹ̀ ṣeé gbé. Èlùbọ́ kò ní ibi ìdáná. Ẹ fi kílò 8 sílẹ̀ fún dàbínù, ṣùgbọ́n omi Sàmúsàmù kì í wọ báàgì, páálí tirẹ̀ ló ní.

Ẹ gbé àwọn báàgì náà wá sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Òṣùwọ̀n yóò wà níbẹ̀.