Èsì wa sí ẹ̀yin tí ẹ fún búkà wa ní ìràwọ̀ kan

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, sà. Ẹ̀yin, màmá yín àti ìyàwó yín lẹ wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ sì ti kọ ohun tí ojú yín rí síbí. Èmi tí mo ni búkà náà ni mo ń dá yín lóhùn fúnra mi. Inú kọ́kọ́ bí mi nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, n ò ní purọ́. Nígbà tó ṣe, mo mú bírò, mo kọ gbogbo ohun tí ẹ sọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé ìwé náà lọ bá àwọn tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun ni mo fi ṣèwádìí. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbóhùn mi láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ màmá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fẹnu kàn, torí òun ló dùn mí jù. Ẹ sọ pé màmá tọ́ gbẹ̀gìrì wò, wọ́n ní ó ti kan, ọmọ wa tó gbé oúnjẹ wá sì dá wọn lóhùn pé, "Bó bá kan, ẹ bu ṣúgà sí i." Mo bi ọmọ náà léèrè. Kò jiyàn. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà nítòsí sì rẹ́rìn-ín.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tó ti ń jẹ gbẹ̀gìrì kí wọ́n tó bí ọmọ yẹn, kí wọ́n tó bí èmi pàápàá, sọ pé oúnjẹ ti bàjẹ́. Ohun tó yẹ ni ká gbé abọ́ náà kúrò níwájú wọn kíá, ká sì tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ wọn, bí ẹ ṣe pa á mọ́ra lọ́jọ́ náà tí ẹ kò bá ẹnikẹ́ni jà, mo dúpẹ́. N ò mọ̀ bóyá èmi ì bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ ìyá mi ni.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà yìí ni kò sí lọ́jà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà láti ọjọ́ Ẹtì, níbi ìsìnkú ẹbí wa kan. Mo fi ilé lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, mi ò sì yan ẹnì kan pàtó pé òun ni kí gbogbo wọn máa wò. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọ kankan.

Àwọn kan á fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti lé ọmọ náà. Mi ò lé e. Ó ti wà pẹ̀lú mi fún ọdún mẹ́ta, mi ò tíì gbọ́ irú èyí lẹ́nu rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò ní gbé oúnjẹ fún oníbàárà mọ́ títí n óò fi rí i pé ó yé e. Ẹ̀yìn ilé ló wà báyìí, níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ó ní òun fẹ́ bá màmá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ní kó dúró ná. Bí ẹ bá gbà, á pè. Bí ẹ kò bá gbà, kò sẹ́ni tó máa yọ yín lẹ́nu.

Ó wá ku gbẹ̀gìrì fúnra rẹ̀. Ó kan lóòótọ́. Ẹ kò parọ́ mọ́ wa, màmá kò sì ṣi ọbẹ̀ tọ́ wò. Ohun tí mo rí nìyí. Ìkòkò kan ni wọ́n sè ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Nígbà tí àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti kù sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì sáré sè òmíràn. Dípò kí wọ́n da ìṣẹ́kù nù, kí wọ́n fọ ìkòkò, orí rẹ̀ ni wọ́n da tuntun lé, wọ́n sì dé e mọ́lẹ̀ pinpin kí ó má baà tutù. Ẹni tó bá ń se ẹ̀wà mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́kù á kó tuntun ràn, ooru á há sínú, omi ara ìdérí á sì máa kán padà sínú ọbẹ̀. Ẹnu ọmọ tó fọ ìkòkò lálẹ́ ni mo ti gbọ́ pé ó ti ń yọ ìfófòó létí nígbà tí òun fẹ́ da èyí tó kù nù. Nǹkan bí aago mẹ́ta ku díẹ̀ lẹ dé, nítorí náà inú ìkòkò yẹn gan-an ni wọ́n ti bu tiyín.

Bẹ̀rẹ̀ láti àná, a ti pa ìkòkò ńlá yẹn tì. Ìkòkò kéékèèké la ó máa lò, ẹ̀ẹ̀mẹta la ó máa sè é lóòjọ́. Èyí tí a bá ń bu lára rẹ̀ á máa jókòó sínú agbada omi gbígbóná lórí iná. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ da ìṣẹ́kù mọ́ tuntun mọ́. Èyí tó bá ti pé wákàtí mẹ́ta tí kò tán, dídànù ni, bó ti wù kó kù tó. Owó ni, mo mọ̀. Ẹni tó ń bu ọbẹ̀ á sì máa fi ṣíbí tó mọ́ tọ́ ọ wò ní gbogbo wákàtí, kì í ṣe ìgbà tí oníbàárà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo.

Ẹ tún sọ ti kókó inú àmàlà. Ẹni tó máa ń ro ó fún wa kò wá lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó sì gba òmọrògùn lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní apá tó lè ro èlùbọ́ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó yẹ kó máa ro ó díẹ̀díẹ̀. Gáàsì ló tán tí ẹ fi jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú ó lé. Ó yẹ kí wọ́n sọ fún yín, kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ máa dúró tàbí ẹ máa lọ. Wọ́n kàn ń sọ pé "ó ń bọ̀, ó ń bọ̀" ni. Ẹ má bínú sí ìyẹn náà.

Ní ti ẹran, ẹ kọ ọ́ pé ó dà bí ẹran ìjẹta. Ilé ìpẹran Amósùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ni alápatà wa ti ń gbé e wá láàárọ̀. Ṣàkí àti fùkù tí ẹ jẹ, ọjọ́ Àbámẹ́ta la rà wọ́n, a tọ́jú wọn sínú fíríìsà mọ́jú, a sì tún wọn sè lọ́jọ́ Àìkú. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ó bá ti rọ̀ jù tàbí tí òórùn rẹ̀ kò bá yín lára mu, ẹ̀yin tí ẹ fi sẹ́nu lẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní bá yín jiyàn lórí adùn. Ẹni tó bá fẹ́ wo inú fíríìsà wa kó tó paṣẹ oúnjẹ, kó sọ, a ó ṣí i fún un.

Ọ̀rọ̀ owó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ sanwó nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ káàdì ní kò lọ, ẹ tún fi tiransifáà san ₦11,400. Mo wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ Ajé: àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì la gba owó yín. Mo ti dá ₦11,400 padà sínú àkáǹtì tí tiransifáà yín ti wá, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Álẹ́ẹ̀tì á ti dé ọ̀dọ̀ yín. Bí kò bá tíì dé, mo ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́. Owó oúnjẹ gan-an náà, ẹ jẹ́ kí n dá a padà. Oúnjẹ tó ti kan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbowó lé lórí.

Ẹ ní inú ń run màmá mọ́jú. Mi ò ní sọ pé kì í ṣe oúnjẹ wa ló fà á, mi ò sì ní máa fa ọ̀rọ̀ ara wọn ní gbangba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lókè ojú ewé wa yìí, kí ẹ ní èmi lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti rí dókítà tàbí ra oògùn, ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́, n óò san án. Bí wọn kò bá tíì lọ, tí ara wọn kò sì tíì balẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ lónìí, ẹ má dúró de èmi.

Ẹ̀yin oníbàárà wa tí ẹ ti ń bú ọ̀gbẹ́ni yìí nítorí mi, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, ẹ ní olóúnjẹ míì ló rán an. Kò sẹ́ni tó rán an. Ebi ló gbé e wá, ó sì mú ìyá rẹ̀ dání. Ọmọ mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ní kí àwọn ẹbí kọ ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún láti fi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kọ̀. Ẹni tí kò bá jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí, kó má kọ nǹkan kan nípa oúnjẹ wa.

Ẹ̀yin náà, mi ò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ pa ohun tí ẹ kọ rẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mi ò sì ní sọ pé ẹ wá jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, torí n ò mọ̀ bóyá ẹ tún fẹ́ rí àmàlà wa sójú. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ gba Mọ́kọ́lá kọjá lọ́jọ́ kan, tí ẹ sì yà, èmi fúnra mi ni n óò bù ú fún yín, màmá ni yóò sì kọ́kọ́ tọ́ gbẹ̀gìrì wò.

Fún ẹ̀yin yòókù tó ń bọ̀ lọ́la: aago mọ́kànlá la ó ṣí. Ẹni tó ń ro àmàlà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ewédú àti ọbẹ̀ ata á ti wà láti àárọ̀, ṣùgbọ́n gbẹ̀gìrì á pẹ́ díẹ̀, torí ìkòkò kéékèèké tuntun la fẹ́ fi sè é. Ẹ mú sùúrù fún wa títí di aago méjìlá.

Ìyá olóúnjẹ, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn