Ètò iṣẹ́ àti ìnáwó fún kátúùnù oníṣẹ́jú mẹ́ta lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ

Sí ẹ̀yin ìyá wa aláàdìrẹ, Ọjà Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

Ẹ kú ọjà o. Bí ẹ ṣe ní ká kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tí iṣẹ́ náà máa gbà nìyí. Àwa mẹ́ta la máa ṣe é: èmi tí mò ń kọ̀wé tí mo sì ń darí, ayàwòrán kan, àti ẹni tó ń bójú tó ohùn àti orin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni, bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé ìgbà tí owó àkọ́kọ́ bá wọlé.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀rọ̀ la máa kọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò gba ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 350 lọ, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹlẹ́kọ nìkan la máa sọ. Oníko á dúró de ìgbà mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kejì, a máa gba ohùn ẹni tó gbọ́ Ẹ̀gbá dáadáa, lóru tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́, a ó sì fi sórí àwòrán pẹ́ńsù kí ẹ lè wò ó. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bá wa wí gan-an. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá yí gbólóhùn kan padà, ohùn yí nìyẹn, àsìkò yí, àwòrán náà sì yí, owó mìíràn ló máa gbà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, a máa ya àwọn èèyàn inú rẹ̀ àti ọjà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹsàn-án ló gùn jù. Ìṣẹ́jú àáyá kan ń gba àwòrán 12, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dúró fún ìgbà méjì nínú ìgbà 24 tí àwòrán ń kọjá lójú láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà; ìṣẹ́jú mẹ́ta á wá jẹ́ àwòrán 2,160. Ọwọ́ ẹnì kan kò lè ká a. A máa ya ọwọ́, orí àti ẹsẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ká máa fi kọ̀ǹpútà yí wọn, ìṣẹ́jú àáyá méje lóòjọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 15 tí ìyẹ́ adìyẹ fi ń ya ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ nìkan la máa fọwọ́ yà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwòrán 180, ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ ká gé ibẹ̀ nítorí owó. Ibẹ̀ ni ẹni tí kò rí i rí á ti mọ ohun tó ń sanwó fún.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, orin àti àtúnṣe kékeré, ẹ̀ẹ̀mejì péré.

Ìnáwó:
Ìwé kíkọ àti ìdarí: ₦150,000
Àwòrán pẹ́ńsù: ₦120,000
Yíya èèyàn àti ọjà: ₦200,000
Mímú wọn rìn: ₦480,000
Ohùn: ₦60,000
Orin: ₦90,000
Epo jẹnẹrétọ̀ àti dátà: ₦110,000
Owó àìròtẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá: ₦121,000
Àpapọ̀: ₦1,331,000

Bí owó àìròtẹ́lẹ̀ bá ṣẹ́kù, tiyín ni. Ẹ máa san ₦665,500 ká tó bẹ̀rẹ̀, ₦399,300 tí ẹ bá ti fọwọ́ sí àwòrán pẹ́ńsù, ₦266,200 tí iṣẹ́ bá parí.

Ẹ bá wa yan ẹnì kan ṣoṣo láàárín yín tí á máa fún wa lésì, kó sì jẹ́ láàárín ọjọ́ méjì.