Ìdájọ́ lórí owó ìjọba ìbílẹ̀: àkópọ̀ fún ìpàdé àwọn alága àdúgbò, Ìbàdàn

Ẹjọ́ náà ni SC/CV/343/2024. Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ ló pe àwọn agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì lẹ́jọ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024. Adájọ́ méje ló gbọ́ ọ, Adájọ́ Emmanuel Agim ló sì ka ìdájọ́ tó ṣíwájú. Nítorí pé aáwọ̀ láàárín ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni abala 232 ìwé òfin ní kí ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ilé ẹjọ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí.

Ìbéèrè tí wọ́n yanjú nìyí. Abala 162(5) sọ pé kí wọ́n fi owó ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú àpò àpapọ̀ fún ìpínlẹ̀, fún àǹfààní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà. Abala 162(6) ní kí ìpínlẹ̀ ṣí àkántì àjùmọ̀ní tí owó náà yóò máa gbà kọjá. Ǹjẹ́ èyí fún gómìnà láṣẹ láti di owó náà mú, kó sì máa ná an bó ṣe wù ú? Tí ìpínlẹ̀ kò bá sì fi owó ọ̀hún ránṣẹ́, ṣé ìjọba àpapọ̀ lè san án tààrà?

Ilé ẹjọ́ dáhùn pé ìpínlẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ kankan sí owó náà. Ẹni tí wọ́n fi owó rán ni, owó kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹni tí a rán bá ń dá owó dúró, tí a ṣì ń rin kinkin mọ́ ọ̀rọ̀ abala náà bó ṣe wà, ohun tí abala náà wà fún gan-an ni yóò parun. Nítorí náà, kí wọ́n san owó káńsù fún káńsù tààrà.

Ìpín kejì kò kéré sí èyí. Abala 7(1) ní ká dìbò yan ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Gómìnà tó bá tú káńsù ká, tó sì fi ìgbìmọ̀ afìdíhẹ sípò, ti rú òfin, kò sì gbọdọ̀ sí owó àpò àpapọ̀ fún káńsù tí a kò dìbò yàn. Ọ̀yọ́ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀: ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé títú àwọn káńsù ìpínlẹ̀ wa ká ní 2019 kò bófin mu.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdájọ́ yìí ṣèlérí ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ ló ṣì ń ṣètò ìbò káńsù. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣì lè ṣòfin lórí bí káńsù yóò ṣe rí, bí òfin náà kò bá ti gba owó lọ́wọ́ káńsù. Àwọn agbègbè ìdàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ kò sì sí lára ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ìwé òfin kà, nítorí náà wọn kò ní ìpín tiwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni sísan owó fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìdájọ́, ọ̀pọ̀ oṣù ni owó ṣì fi ń gba àkántì àjùmọ̀ní kọjá. Owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yọ níbẹ̀, gbèsè tòótọ́ sì ni wọ́n. Bí owó bá wá dé ọwọ́ káńsù tààrà, káńsù ni yóò san wọ́n. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ ni ìyọkúrò tí alága fọwọ́ sí láìjẹ́ pé àwọn kánsẹ́lọ̀ jókòó lé e lórí. Ìwà àìdáa gbáà ni, kò sì yẹ ká dákẹ́ sí i.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí alága àti olórí ìṣàkóso káńsù kọ̀ọ̀kan lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011. Ẹ béèrè iye tó wọlé lóṣooṣù láti oṣù Keje 2024, gbogbo ìyọkúrò àti òfin tó gbé e ró, ètò ìṣúná ọdún yìí, àti àkọsílẹ̀ ìpàdé tí àwọn kánsẹ́lọ̀ ti fọwọ́ sí i. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èyí tí ẹ óò mú padà. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, wọ́n lè sọ pé àwọn kò rí lẹ́tà. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje kún un tí wọ́n bá kọ̀wé sọ ìdí. Bí wọ́n bá kọ̀ tàbí dákẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ ní láti lọ sílé ẹjọ́.

Bí káńsù bá sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn, ẹ tọ́ka sí ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, ọdún 2025, tó sọ pé òfin náà kan gbogbo ìpele ìjọba.