Eyín inú báàgì mi: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì sọ lọ́jọ́ kàríà dè

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Prínsípà wa, ẹ káàárọ̀ mà, ẹ̀yin tíṣà wa gbogbo, mo kí yín o. Ẹ jókòó, oòrùn ti ń mú, mi ò ní pẹ́. Mo mọ̀ pé tí àgbàlagbà bá ti ní òun ò ní pẹ́, irọ́ ni, àmọ́ ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà nínú yín, ẹ nawọ́. Haa! Lọ́yà ńkọ́? Ẹnjiníà? Ó dáa, ẹ gbọ́wọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò nawọ́ rárá lọ́wọ́ ẹ̀yìn yẹn, ẹ má wolẹ̀, torí tiyín gan-an ni mo ṣe wá.

Èmi náà nawọ́ nígbà tèmi. Inú họ́ọ̀lù yìí náà ni, 1998, abẹ́ páànù tó ń jò yẹn náà (wọn ò tíì tún un ṣe!), mo dìde mo ní dókítà ni mo máa ṣe, torí látìgbà tí mo ti wà ní pámárì ni ìyá mi ti ń pè mí ní "Dókítà mi", gbogbo ẹlẹ́lùbọ́ ọjà Bódìjà ló mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Mo ṣe Jáḿbù lẹ́ẹ̀kíní, máàkì ò tó. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ku díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kí n má parọ́ fún yín, ó tún relẹ̀ ju tẹ̀ẹ̀kejì lọ. Ìyá mi sunkún lọ́jọ́ yẹn débi pé àwọn ará ilé sáré wá, wọ́n rò pé ẹnì kan ló kú. Mo jókòó sílé, mi ò lè kọjá lọ́jà torí wọ́n á ní "Dókítà, ìgbà wo lẹ fẹ́ wọlé?", ojú á wá gbà mí tì.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, a ò mọ nǹkan tó ń ṣe níbẹ̀, a kàn máa ń rí i tí ìyẹ̀fun funfun máa ń wà lára bàtà ẹ̀. Ó ní kí n yé sùn, kí n wá bá òun gbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni mo ṣì wà nínú ẹ̀ títí dòní.

Ẹ wo nǹkan tí mo yọ nínú báàgì yìí. Eyín ni. Kì í ṣe tòkú o, ẹ má pariwo! Mo máa gbé e kiri, ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ fún ẹni ẹ̀yìn yín, ẹ má ṣáà fi sẹ́nu.

Tí eyín ẹnì kan bá ká, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ló máa lọ, òótọ́ ni. Àmọ́ dókítà kọ́ ló ń ṣe eyín àtọwọ́dá tí wọ́n máa fi rọ́pò ẹ̀. Dókítà á po nǹkan kan bí ògì, álíjínéètì ni wọ́n ń pè é, á gbé e sórí àwo pẹlẹbẹ kan, á ki í bọ onítọ̀hún lẹ́nu, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti dì bíi mọ́ínmọ́ín, tó bá wá yọ ọ́, gbogbo ojú èrìgì àti eyín tó kù á ti hàn nínú ẹ̀. Ìyẹn ló máa gbé ránṣẹ́ sí àwa tá à ń ṣe eyín. Àwa a máa da píọ́pì sí i, ẹ mọ píọ́pì tí wọ́n fi ń ṣe sílìǹ, irú ẹ̀ ni àmọ́ tiwa le ju ìyẹn lọ, tó bá ti gbẹ, ẹnu onítọ̀hún ló wà lórí tébù mi yẹn. Mo lè máà rí ojú ẹ̀ láyé, àmọ́ mo mọ ẹnu ẹ̀ ju ìyàwó ẹ̀ lọ.

Mo máa wá fi ìda mọ èrìgì sórí ẹ̀, mo máa to eyín sínú ìda yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, dókítà á gbé e sẹ́nu onítọ̀hún wò, á ní kó pe "fìlà funfun", torí tí eyín òkè bá gùn jù tàbí tó kúrú jù, "f" ò ní jáde dáadáa. Tó bá ti bọ́ sí i, a ó rì í mọ́ inú píọ́pì nínú abọ́ irin, a ó fi omi gbígbóná yọ́ ìda yẹn dànù, àyè tí ìda fi sílẹ̀ la ó ki ákírílìkì pupa tó máa di èrìgì sí, a ó sè é, a ó fá a, a ó dán an títí táá fi máa dán bí ẹnu ọmọ tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìtàn, ẹ mọ orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, àbí? Ìda ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ orí yẹn, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n finá yọ́ ìda jáde, wọ́n wá rọ idẹ sáyè ẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni! Ọjọ́ tí ọ̀gá mi sọ fún mi, mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́, mo dúró ṣíí. Gbogbo ìgbà tí mo ń rò pé mo já Jáḿbù torí mi ò lọ́pọlọ, iṣẹ́ àwọn asúdẹ Ifẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ mi.

Mo wá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ eyín ní Enúgu. Bàọ́lọ́jì, kẹ́místìrì, físíìsì, máàsì, gbogbo nǹkan tí mo ti kọ́ torí dókítà náà ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, ẹyọ kan ò ṣòfò. Tá a bá ṣe tán, bọ́ọ̀dù wà tó ń fún wa ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe iṣẹ́ tẹ́nikẹ́ni lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyà kan tó jẹ mí. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n gbé ẹnu ìyá àgbà kan fún mi, kò sí eyín kankan níwájú òkè mọ́. Mo to tiẹ̀ gún régé, wọ́n tẹ̀ léra wọn bíi sójà, kò sí àlàfo, inú mi dùn, mo tiẹ̀ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá wò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ìyá padà dé. Ó tú hańkáṣíìfù sílẹ̀ níwájú mi, eyín mi ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èjí mi dà?"

Mo ní èjí wo mà? Ó ní èjí yẹn ni bàbá àwọn ọmọ òun rí tó fi ní òun ò fẹ́ ẹlòmíì, pé ọmọọmọ òun wo òun lánàá ó ní "Màámá, ẹ ti dẹlòmíì", pé òun ò lè rẹ́rìn-ín jáde nílé láti ọjọ́ Sọ́ńdè. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ọ̀gá mi fojú dá mi lẹ́kun. A gbà á padà, a tún un ṣe, mo fi èjí sí i, ó gba díńgí, ó wo ara ẹ̀, ó kọ́kọ́ pa ẹnu dé, ó tún là á, ó ní "Ẹ̀n-ẹ́n." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà yẹn, kí n tó to eyín ẹnikẹ́ni mo máa ń ní kí dókítà bá mi béèrè: ṣé ẹ léjí tẹ́lẹ̀? Ẹ bá wa mú fọ́tò àtijọ́ wá. Wọn ò kọ́ wa lóhun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní Enúgu.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ béèrè owó. Ọdún méjì àkọ́kọ́, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ni, ìyá mi ṣì ń fún mi ní ẹ̀lùbọ́. Eruku ẹ̀ burú, ẹni tí ò bá lo ìbòmú á máa wúkọ́. Èékánná yín, ẹ̀yin sisí, ẹ gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ nísinsìnyí mo ní yàrá iṣẹ́ tèmi, àwọn dókítà eyín ń gbé iṣẹ́ wá, ọmọ méjì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mi ò lówó bíi dàńgótè ṣùgbọ́n mi ò jẹ onílé ní gbèsè. Mi ò sì wá sọ pé kẹ́ ẹ má ṣe dókítà o, ara dókítà lèmi gan-an ti ń jẹun! Ohun tí mo ń sọ ni pé dókítà kan ò dá ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó wà níwájú, ẹ béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Bí àpẹẹrẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lọ́yà. Tí wọ́n bá gbé màmá kan tí ò gbọ́ òyìnbó lọ sí kóòtù, lọ́yà ń sọ̀rọ̀, adájọ́ ń sọ̀rọ̀, ta ló ń sọ ọ́ fún màmá lédè ẹ̀? Ògbufọ̀ ni. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 36, ló ní ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn lẹ́tọ̀ọ́ sí i, láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dénú, tí òyìnbó ẹ̀ náà dúró, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀yin sì ń bú ọmọ tó ń gba Yorùbá ẹ̀ dáadáa ní kíláàsì pé ará oko ni. Ẹ̀yin páílọ́ọ̀tì, ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfúrufú ti Sáríà, tó ti wà láti 1964, kì í ṣe páílọ́ọ̀tì nìkan ni wọ́n ń kọ́, wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń jókòó sínú ilé gogoro tí wọ́n ń sọ fún ọkọ̀ kan pé bà, fún èkejì pé dúró ná. Ẹni tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí fún páílọ́ọ̀tì ńkọ́? Fútà, yunifásítì tó wà l'Ákùúrẹ́, ń kọ́ni ní ìmọ̀ ojú ọjọ́.

Lẹ́yìn ilé ìtọ̀ àwọn ọmọkùnrin, ẹ lọ wò, kọnkéré kékeré kan wà nílẹ̀ tó ní lẹ́tà àti nọ́ḿbà lórí, ẹ ti máa ń fi ṣe góòlù bọ́ọ̀lù. Bíkọ́ọ̀nù ni. Sọ̀fíyọ̀ ló rì í síbẹ̀, òun ló ń sọ ibi tí ilẹ̀ yìí parí sí, òun ni ò jẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ wá mọ ilé sí àárín fíìdì yín. Ọ̀yọ́ tó wà nítòsí wa níbí ni ilé ẹ̀kọ́ wọn wà, ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún ti wà látọdún 1908, kó tó dé Ọ̀yọ́ rárá.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ bá wá bá yín pé òun fẹ́ iṣẹ́ kan tẹ́ ò gbọ́ rí, ẹ má tíì sọ pé "kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀". Ẹ ní kó lọ wádìí ẹ̀ wá. Ẹ̀yin ọmọ náà, wíwádìí ọ̀hún ò le: ẹ wá ẹnì kan tó ń ṣe é, ẹ bẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ wá gbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lásìkò họlidé, ẹ wo ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ àti ọjọ́ tí kò sí, ẹ béèrè pé ṣé ó ní bọ́ọ̀dù, sọ́bújẹ́ẹ̀tì wo ni wọ́n ń béèrè, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù Jáḿbù. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi ìwé sílẹ̀ pátápátá pé owó wà lórí fóònù, ẹ bi í ibi tí owó ti ń wá.

Mo máa wà lábẹ́ máńgòrò títí di aago kan, ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ìda wò, mo gbé díẹ̀ wá. Eyín mi dà báyìí? Ìwọ tó wà létí fèrèsé, mo ti rí ẹ látàárọ̀, yọ ọ́ lẹ́nu, lọ fi omi fọ̀ ọ́, kó o gbé e wá fún mi.