Oògùn ẹ̀jẹ̀ nínú oyún: ọ̀rọ̀ ìlera fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà

(Ohun tí olùbánisọ̀rọ̀ yóò kó wá: sobo ife méjì, omi ife kan, ike funfun tí a lè rí inú rẹ̀, páálí oògùn kan.)

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ sún mọ́ iwájú.

(Da sobo sínú ike.) Ẹ wò ó bó ṣe pọ́n. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí kí oyún tó dé nìyí. (Da omi lé e.) Ó pọ̀ sí i, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ìyá ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì lé sí i, omi inú rẹ̀ ló sì ń yára pọ̀ ju pupa rẹ̀ lọ. Irin inú oúnjẹ ni ara fi ń ṣe pupa yẹn, òun ló ń gbé atẹ́gùn dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Tí kò bá tó, òyì á máa kọ́ yín, àyà á máa lù kìkì, ọmọ lè kéré tàbí kí ẹ bí i láìtọ́jọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dà lọ́jọ́ ìbímọ sì lè di ewu ńlá.

Fólíìkì, fítámì tó wà pẹ̀lú irin nínú oògùn ẹ̀jẹ̀, ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń dáàbò bo ọmọ kí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ má baà là. Nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró ni ihò ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ máa ń pa dé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Ẹni tó ń retí oyún ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

(Gbé páálí sókè.) Hóró kan lójúmọ́, lójoojúmọ́, títí ẹ ó fi bímọ: irin 30 sí 60 mílígíráàmù, fólíìkì 0.4 mílígíráàmù. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí. Fólíìkì 5 mílígíráàmù ló pọ̀ lọ́jà, iye yẹn sì ń dín agbára Fánsídà ibà kù. Ẹ fi han nọ́ọ̀sì kí ẹ tó lò ó. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ SS, tàbí tó ti bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ là rí, dókítà ni yóò wọn tirẹ̀.

Ẹ fi omi tàbí omi ọsàn gbé e mì. Tíì àti kọfí kì í jẹ́ kí irin wọ ara, ẹ jẹ́ kí wákàtí méjì là wọ́n láàrin. Bí èébì bá ń gbé yín, ẹ lò ó lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìgbẹ́ á dúdú bí èédú, ẹ má fòyà. Bí inú bá há, ẹ mu omi dáadáa, ẹ jẹ ìbẹ́pẹ.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìyẹn jẹ́ agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tì nínú iṣan, kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó.

Ẹran pupa, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dára, ṣùgbọ́n wọn ò lè rọ́pò hóró. Ẹfun àti amọ̀ jíjẹ ń dí irin lọ́nà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí i, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹ gbé páálí sókè, kí ọwọ́ ọmọdé má tó o. Ìwọ̀nba hóró díẹ̀ lè pa ọmọ kékeré.

Ó yá, ta ló fẹ́ béèrè?