Lẹ́tà sí Ìyá Sìkírù lórí owó tó wà nínú ìpín ìdókòwò

Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2024

Ẹ̀yin Alhaja mi, Ìyá Sìkírù,

Ẹ kú iṣẹ́ ọjà, ẹ sì kú ìmúra ààwẹ̀ Rámàdánì. Ọlọ́run á jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láyọ̀, ká sì parí rẹ̀ láyọ̀.

Láti Ọjọ́bọ̀ tí ẹ ti wá sí ọ́fíìsì ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Ẹ ò pariwo, ẹ ò sì bú mi. Ẹ kàn ká ìwé tí mo fún yín sí méjì, ẹ tún ká a sí mẹ́rin, ẹ wá fi í sábẹ́ ìborùn. Nígbà tí ẹ ń dìde, ẹ ní Sìkírù ti fi yín lọ́kàn balẹ̀, pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpín yín ló lọ, tí ọjà bá ti lè gbé ìdá 40 padà wá lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò fẹ́ tako ọmọ yín níwájú àwọn tó jókòó síbẹ̀, ni mo ṣe dákẹ́. Kò yẹ kí n dákẹ́. Ìṣirò yẹn ò rí bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá sì gbé ìpinnu lé e lórí, ó lè ṣe yín ní jàǹbá.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹja ṣe é. Ẹ rántí ìgbà tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí yìnyín inú fíríìsà yọ́ tán. Ká ní ọgọ́rùn-ún ọ̀bọ̀kún ló wà nínú rẹ̀, tí ogójì jẹrà, ọgọ́ta ló kù tí ẹ máa gbé lọ sí Olúwo. Ká wá ní ọjà dára lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí ẹ jèrè ìdá 40. Lórí kí ni ẹ ti jèrè yẹn? Lórí ọgọ́ta ni o, kì í ṣe lórí ọgọ́rùn-ún. Ìdá 40 ọgọ́ta jẹ́ ẹja 24. Ẹ fi 24 kún 60, ó di 84. Ẹja 16 ṣì ń dín. Ogójì tó jẹrà ò sí lórí àtẹ, wọn ò lè bá yín pa kọ́bọ̀. Kí ọgọ́ta tó lè padà di ọgọ́rùn-ún, ó gbọ́dọ̀ mú ogójì wá fúnra rẹ̀, ìyẹn bí ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó jẹ́. Ìdá 40 ló lọ, ìdá 67 ló máa dá a padà.

Àwọn àgbà máa ń fi tuni nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo fẹ́ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, àmọ́ ti owó yàtọ̀ díẹ̀. Ojú owó ni agbè tí a fi ń pọn èrè. Nígbà tí òfò bá jẹ ojú owó, agbè gan-an ló kéré sí i, ẹ ó sì rin odò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ìkòkò tó kún.

Owó yín ló wá kàn. Mílíọ̀nù mẹ́rin náírà, ₦4,000,000, lẹ fi sílẹ̀. ₦2,400,000 ló wà nínú ìwé tí ẹ ká sábẹ́ ìborùn. Ohun tó lọ jẹ́ ₦1,600,000. Ẹ pín in báyìí:

1,600,000 ÷ 2,400,000 = 0.667

Tí ìdá 40 tí Sìkírù ń sọ bá wọlé lóòótọ́, ₦960,000 ló máa jẹ́. Ẹ ó ní ₦3,360,000, ₦640,000 á ṣì kù. Ó tiẹ̀ ń yani lẹ́nu pé ká ní èrè ló kọ́kọ́ dé, ibì kan náà la máa gúnlẹ̀ sí: mílíọ̀nù mẹ́rin jèrè ìdá 40, ó di ₦5,600,000; ó wá pàdánù ìdá 40 ìyẹn, ó di ₦3,360,000. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun jèrè 40 lọ́dún kan, òun pàdánù 40 lọ́dún kejì, pé òdo sí òdo ni, owó ti lọ lápò onítọ̀hún, kò kàn tíì kà á ni.

Bí òfò bá ṣe ń tóbi ni ọ̀rọ̀ yìí ń burú, kì í sì í burú ní ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó pàdánù ìdá 10 nílò èrè 11 péré. Ẹni tó pàdánù 20 nílò 25. Títí dé ibẹ̀, ó ṣeé fara dà. Tó bá dé ìdajì, ìyẹn 50, ó di 100: owó náà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì kó tó padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó pàdánù 80 nílò 400. Tó bá jẹ́ 90, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, 900, ló máa nílò.

Ẹ wò ó bí ọdún. Mi ò ṣèlérí kankan fún yín, ṣùgbọ́n ká fi ìdá 15 lọ́dún díwọ̀n èrè, kí a máa fi èrè kún ojú owó láìmú nǹkan kan kúrò. Ká ní ìdá 10 ni mílíọ̀nù mẹ́rin yín pàdánù, ọdún kan péré ti tó láti dá a padà. Pẹ̀lú 40 tó lọ yìí, ó máa wọ ọdún kẹrin. Pẹ̀lú ìdajì, ọdún márùn-ún. Pẹ̀lú 80, ọdún méjìlá.

Ẹ má rò pé inú ìwé nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, atọ́ka ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, ìyẹn òǹkà tó ń fi hàn bí iye owó àwọn ìpín ṣe ń lọ sókè sódò, ga ju 66,000 lọ. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ó ti já wá sí nǹkan bí 20,000. Bí ìdá 70 ló lọ, bí ìdá 230 ló sì nílò láti padà. Ọdún 2023 ló tó tún kọjá ibi tó wà yẹn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, Alhaja, náírà tó sì padà dé kì í ṣe náírà tó lọ, ẹ̀yin náà ẹ mọ iye tí ẹja jẹ́ ní 2008.

Ẹ bi mí pé rédíò ń pariwo pé atọ́ka ọjà kọjá 100,000 ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, kí ló dé tí tiyín fi wà nílẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ dùn mí, torí ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀. Nínú mílíọ̀nù mẹ́rin, ₦2,500,000 ló wà nínú ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìyẹn ti di mílíọ̀nù kan. ₦1,500,000 tó kù, tí a pín sí ilé-iṣẹ́ mẹ́rin, ṣì jẹ́ ₦1,400,000. Ìdá 7 péré ni ti ẹ̀yìn yìí nílò láti padà. Ti àkọ́kọ́ nílò 150. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ilé-iṣẹ́ yẹn lóòótọ́, nítorí pé ó ti san èrè dáadáa fún yín rí, ṣùgbọ́n èmi ló yẹ kí n kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ kó ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó yín síbẹ̀. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, n ò tẹnu mọ́ ọn. Ẹ forí jì mí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹni tí ẹ ní ó ń pè yín lórí fóònù, tó ní kí ẹ kó ₦2,400,000 wá, pé láàárín oṣù mẹ́ta ó máa di mílíọ̀nù mẹ́rin. Ẹ kíyè sí i pé iye tí ọkàn yín ń fẹ́ gẹ́lẹ́ ló sọ. Ìdá 67 ní oṣù mẹ́ta! Ẹni tó pàdánù ni irú wọn máa ń wá, torí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn ni í wá ọ̀nà àbùjá. Tí ìdajì owó yẹn bá bá a lọ, ₦1,200,000 ló máa kù lọ́wọ́ yín, ìdá 233 ló sì máa dá yín padà sí mílíọ̀nù mẹ́rin. Lónìí, ọdún mẹ́rin ni mò ń bá yín sọ. Nígbà náà, bí ọdún mẹ́sàn-án ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn mọ́. Ẹ má sì bu owó àjọ yín kún un.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ká ṣe nìyí. Mi ò ní kí ẹ ta gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ta ₦600,000 nínú mílíọ̀nù kan tó wà nínú ilé-iṣẹ́ yẹn. Owó tó lọ ò pọn dandan kó gba ẹnu ọ̀nà tó bá jáde wọlé. Ilé-iṣẹ́ yẹn ò mọ iye tí ẹ fi rà á, kò sì jẹ yín ní gbèsè. ₦400,000 nínú rẹ̀ ni kí a fi ra ìwé ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yá owó nípasẹ̀ Báńkì Àpapọ̀, èyí tó ń pé ní ọjọ́ 182, nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé gbígbé ọmọ-ọmọ yín tó wà ní LASU níbí. Owó tí ẹ máa ná láìpẹ́ ò gbọdọ̀ wà níbi tó ti lè dín. ₦200,000 tó kù, ká pín in sí àwọn tó kù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: tí ẹ bá mú ₦400,000 yẹn kúrò, ₦2,000,000 ló kù nínú ìpín, òun ló sì máa ru òfò ₦1,600,000 yẹn. Èrè ìdá 80 ló máa dá a padà, kì í ṣe 67 mọ́. Mo ṣì fara mọ́ ọn, torí pé kí ọmọ máà rí owó ilé-ìwé san, kí ẹ wá ta ìpín ní ọjọ́ tí ọjà bá tún já, ó burú jùyẹn lọ. Ṣùgbọ́n tí Olúwo bá lè gbé owó ilé-ìwé ọ̀hún láìnira, ẹ sọ fún mi, ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́.

Láti ìsinsìnyí lọ, èyíkéyìí nínú ìpín yín tó bá já ju ìdá 15 lọ, n ó pè yín lọ́jọ́ náà, ká jọ pinnu kó tó di 30, kó tó di 50. N ò ní dúró de ìparí oṣù mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Sìkírù dání ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Orí rẹ̀ pé, tó bá rí ìṣirò ẹja yẹn lórí ìwé á yé e kíákíá. Tó bá jẹ́ pé ààwẹ̀ ò ní jẹ́ kí ẹ lè rìn, èmi á wá bá yín ní ìsọ̀ yín lẹ́yìn Áṣárì. Ìwé tí ẹ ká yẹn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ la máa ṣe ìṣirò sí.

Èmi ni ọmọ yín,

Rásákì
Olùdámọ̀ràn yín lórí ìdókòwò